Ìdá mélòó ni owó ẹgbẹ́ wa fi ń gbèrú lọ́dún? Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀

Nígbà tí ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ ní kí ìlà kan wọ inú ìròyìn: owó tí ẹgbẹ́ fi ra ìpín ìdókòwò láti ọdún márùn-ún wá, ìdá mélòó ló fi ń gbèrú lọ́dún kan? Ìlà kan péré, ṣùgbọ́n iye méjì ló wọlé. Ìyá Akápò mú ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa yẹ ìwé owó wò mú ìdá 12 wá. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Bàbá Alága bá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò kí ọjọ́ ìpàdé tó kò.”

Mo kó gbogbo ìwé tí àwọn tó ń bá wa ra ìpín máa ń fi ránṣẹ́ lópin ọdún jọ. N kò kọ́kọ́ wá ìdá kankan. Iye owó tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún àti iye tó wà lópin rẹ̀ ni mo wá, torí ibẹ̀ ni ìdá ti ń jáde. A fi ₦2,000,000 bẹ̀rẹ̀. Lópin ọdún kìíní ó di ₦2,400,000, lópin ọdún kejì ₦3,240,000. Ọdún kẹta kò dáa fún ọjà ìpín, owó náà já sí ₦2,430,000. Ìwé ọdún kẹrin sọ pé ₦4,802,000, ti ọdún karùn-ún sọ pé ₦4,321,800.

Ọdún kẹrin yẹn ni mo dúró lé lórí. Kí owó fò láti mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́rin àti àbọ̀ ó lé láàárín ọdún kan? Bí ọjà bá dùn tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ni ìbá ti máa jó. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó sì wà níbẹ̀ kedere: bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá ₦1,000,000 lé e. Owó tí a fi ọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ kì í ṣe èrè. Níbi yìí ni ìdá 16.7 ti Ìyá Akápò ti wá. Wọ́n mú owó ìbẹ̀rẹ̀ àti owó ìparí, wọ́n sì ṣe ìṣirò tó yẹ lé wọn lórí. Ìṣirò náà kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ó ka mílíọ̀nù kan tí a dá mọ́ èrè ọjà.

Ohun tó bá irú èyí mu ni pé kí a gbé ìṣirò ọdún náà lé orí owó tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí owó tuntun ti wọlé. ₦2,430,000 pẹ̀lú ₦1,000,000 jẹ́ ₦3,430,000. Iye yìí ni ọjà ní lọ́wọ́ tó fi ṣiṣẹ́ ní ọdún kẹrin. Nígbà tí mo pín ₦4,802,000 sí ₦3,430,000, ó fún mi ní 1.40, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá ti pín in sí ₦2,430,000, ǹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó wa gbèrú ní ìdá 97 àti díẹ̀. Orí ló bá wa ṣe é tó fi jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni owó náà wọlé. Ká ní àárín ọdún ni, mo gbọ́dọ̀ mọ iye tí owó jẹ́ lọ́jọ́ tí a dá owó náà, kí n gé ọdún náà sí méjì níbẹ̀, kí n sì wá ìlọ́po apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún owó tí a bá yọ jáde.

Ìlọ́po ni mo pe iye tí ó ń jáde nígbà tí a bá pín owó ìparí ọdún sí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó tó fi ìdá 20 lé sí i, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1.20. Owó tó pàdánù ìdá 25, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 0.75, torí ìdá 75 ló kù nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo ṣe é tán fún ọdún márààrún, mo ní 1.20, 1.35, 0.75, 1.40 àti 0.90.

Ẹ̀gbọ́n tó mú ìdá 12 wá ti rí ọ̀rọ̀ owó tuntun yẹn ní tiwọn, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò. Ìdá ọdún márààrún wọn pé: 20 àti 35 lérè, 25 ní àdánù, 40 lérè, 10 ní àdánù. Wọ́n rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 60, wọ́n pín in sí márùn-ún, ó di 12. Báyìí ni gbogbo wa ṣe kọ́ àárín ní ilé ìwé, kò sì sí aburú nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ gíga àwọn ọmọ tàbí iye ẹ̀wà inú kọ́ńgò la fẹ́ wá àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè ọdún kan kì í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkejì, orí rẹ̀ ló máa ń gùn. Ẹ mú ₦100. Ó pàdánù ìdá 25, ó ku ₦75. Lọ́dún kejì ó jèrè ìdá 25. Ìdá 25 ti ₦75 ni, kì í ṣe ti ₦100 àkọ́kọ́, nítorí náà ₦18.75 ló wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦93.75. Bí a bá rò ó pọ̀ kí a tó pín in, a ó ní àárín jẹ́ òfo, owó kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn. Àpò ní tirẹ̀ mọ̀ pé ₦6.25 ti lọ.

Nítorí pé orí ara wọn ni wọ́n ń gùn, a kò gbọ́dọ̀ rò wọ́n pọ̀, ṣe ni kí a sọ wọ́n di púpọ̀. Mo mú 1.20 lọ́nà 1.35, ó jẹ́ 1.62. Mo mú ìyẹn lọ́nà 0.75, ó jẹ́ 1.215. Lọ́nà 1.40, ó jẹ́ 1.701. Lọ́nà 0.90, ó jẹ́ 1.5309. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ₦1 tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti di ₦1.53 lópin ọdún karùn-ún. Ìbéèrè tó kù ni èyí: ìlọ́po kan ṣoṣo wo ni, tí a bá mú un lọ́nà ara rẹ̀ nígbà márùn-ún, tí yóò fún wa ní 1.5309? Òun ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní jiomẹ́tíríìkì mínì. Lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, báyìí ni a ṣe ń tẹ̀ ẹ́:

```
1.5309^(1/5)
```

Ó fún mi ní 1.0889. Mo yọ 1 kúrò, ó ku 0.0889, ìyẹn ìdá 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Àkámọ́ tó wà lára (1/5) yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àkámọ́, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ mú 1.5309, yóò wá pín in sí 5, yóò sì fún wa ní 0.306. Ẹni tí kò bá fura lè rò pé ìdá 30 ni èrè. Lórí Excel, mo kó àwọn ìlọ́po náà sí òpó B, mo sì tẹ èyí:

```
=GEOMEAN(B2:B6)-1
```

Ìlọ́po ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn àpótí yẹn. Bí ẹnì kan bá kó ìdá síbẹ̀ bó ṣe rí, 20, 35, -25, lójú ẹsẹ̀ ni Excel yóò kọ `#NUM!` síta, torí kì í gba òfo tàbí iye tó wà lábẹ́ òfo. Ìyẹn tiẹ̀ sàn, ó ké síta. Èyí tó burú jù ni tí kò bá sí ọdún àdánù kankan láàárín wọn: àárín yóò jáde, kò ní í ké, kò sì ní í tọ̀nà.

Kí n tó gbé e fún Bàbá Alága, mo dán iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Mo gbàgbé owó tuntun fún ìgbà díẹ̀, mo tẹ̀lé ₦2,000,000 àkọ́kọ́ nìkan. Ní ti òótọ́, ₦2,000,000 lọ́nà 1.5309 jẹ́ ₦3,061,800. Bí ó bá jẹ́ ìdá 12 ló ń gbèrú lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, ₦3,524,683 ni ìbá jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù tí a kò rí rí. Ìdá 16.7 tiẹ̀ tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 8.9 nìkan ló gúnlẹ̀ síbi tí owó wà ní tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n wo ₦3,524,683 yẹn títí, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, wọ́n ní kí n kọ ìdá 8.9.

Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo to ìlọ́po márààrún sí abẹ́ rẹ̀. Ìdá 8.9 kò sọ pé ọdún kan wà tí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà já bọ́, bí a bá sì to àwọn ọdún náà ní ọ̀nà mìíràn, èsì kan náà ni yóò jáde. Ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ jáde lọ́dún kẹta yẹn yẹ kó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó ń kọ ìwé lórí ìlú rẹ̀, bi mí nípa ìdá tí iye èèyàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ń pọ̀ sí i lọ́dún. Ìkànìyàn ọdún 1991 ka 3,452,720 èèyàn níbẹ̀, ti 2006 ka 5,580,894. Ní tèyí, kò sí iye ọdọọdún kankan láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan la ní, wọ́n sì tó: bí a bá pín òpin sí ìbẹ̀rẹ̀, ìlọ́po àpapọ̀ jẹ́ 1.6164. Ibi tí wàhálà wà ni iye ọdún. Ojú yóò sọ pé 15 ni. Ṣùgbọ́n Oṣù Kọkànlá 1991 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́, Oṣù Kẹta 2006 ni èkejì, nítorí náà ọdún 14 àti oṣù mẹ́rin ló wà láàárín wọn, ìyẹn 14.33:

```
1.6164^(1/14.33)-1
```

Ó jẹ́ ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí a bá lo 15, 3.3 la ó rí. Òun ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ pín ìdá 61.6 sí 14.33, ó sì rí 4.3. Mo ní kó fi 4.3 bẹ̀rẹ̀ láti 1991 kó sì rìn ín dé 2006. Ó dé bíi mílíọ̀nù 6.3, ó fi èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùndínlógójì ju iye tí wọ́n kà lọ.

Ó béèrè bóyá òun lè máa fi 3.4 náà rìn lọ títí dé ọdún tí a wà yìí. Mo ní kó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àbá, kó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1991 sí 2006 nìkan ni 3.4 yẹn mọ̀. Ìkànìyàn tí wọ́n pinnu fún 2023, wọ́n sún un síwájú.