Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí o bá ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kóòdù kíkọ mọ ìdánwò yìí: wọ́n á fún ọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, o ṣe é, o fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ á kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí i?" Má béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí ímeèlì rẹ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó má sì tíì fojú kan iṣẹ́ náà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo gbé iṣẹ́ mi sí GitHub, mo tì í pa kí ẹni tí n kò pè má bàa rí i, mo fi ìpè ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fi líǹkì ṣọwọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fèsì pé, "A ti rí i gbà, ẹ ṣeun." Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹsàn-án tí ọ̀gá náà ráyè tẹ líǹkì, 404 ló bá pàdé. Ọjọ́ 7 péré ni ìpè GitHub máa ń lò kó tó kú. GitHub kì í sì í sọ fún àlejò pé a ti ilẹ̀kùn. Á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Wọ́n rò pé mo ti pa iṣẹ́ náà rẹ́.

Nítorí náà, kí o tó kọ̀wé, lọ sí Settings iṣẹ́ náà lórí GitHub, kí o ṣí Collaborators. Bí o bá rí "Pending Invite" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni náà, kò tíì wọlé. Lẹ́yìn náà, mú nọ́ńbà ẹ̀dà tó kẹ́yìn:

```
git rev-parse --short HEAD
```

Jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kọjá, kí o wá fèsì sórí ímeèlì tí o fi ṣọwọ́ gan-an. Má bẹ̀rẹ̀ òmíràn, torí ẹni tó ń gba ìwé ọgọ́rùn-ún èèyàn kò ní mọ èyí tí ò ń wí. Tèmi rí báyìí nísinsìnyí:

"Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ wà ní líǹkì yìí, a3f91c2 sì ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn. Mo rí i pé ẹ kò tíì gba ìpè GitHub, yóò sì kú ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣí. Ìgbà wo ni kí n máa retí èsì, kí ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀?"

Má béèrè bóyá o yege. Ẹni tó ń ka ímeèlì lè má mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún ọ, jẹ́ kó kọjá ná.

Èyí tó burú jù ni kí o máa tún kóòdù ṣe lábẹ́nú nígbà tí ọjọ́ ti pé, torí nọ́ńbà ẹ̀dà á tú ọ fó. Bí o bá rí àléébù, gbé àtúnṣe rẹ̀ sí ẹ̀ka mìíràn, kí o sì sọ ọ́ fún wọn nínú ímeèlì kan náà.