Ẹ so nọ́ńbà ìlà y mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ tó yí m padà

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, bí ẹ bá fẹ́ fi Excel ya ìlà y = mx + c, ẹ fi iye m sí B1, iye c sí B2. Ẹ to x láti -5 dé 5 sí A5 dé A15. Ẹ tẹ èyí sí B5, kí ẹ fà á dé B15:

```
=$B$1*A5+$B$2
```

Láìsí $, B1 á di B2 ní ìlà kejì, ìdáhùn á sì dàrú.

Ẹ ya àwòrán Scatter, kí ẹ wá fi Minimum ìlà y sí -20, Maximum sí 20. Èyí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè na nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ bí m ṣe ń kúrò ní 1 bọ́ sí 2. Ìdagẹ̀rẹ̀ á dà bíi pé kò yí padà rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi m sílẹ̀ ní 2, kí wọ́n sọ c 0 di 3: gbogbo ojú àmì á gòkè ní 3.