Àṣìṣe tí abiyamọ àti aláboyún máa ń ṣe kí wọ́n tó jókòó ṣe IELTS l'Ékòó

Wákàtí 2 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi ń ṣe apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS: Ìgbọ́rọ̀, Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíkọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú á wo iye wákàtí yìí, á ní, "Ọmọ mi á lè dúró dè mí." Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Àkókò tó yẹ kó ṣírò ni èyí tó wà láàárín ìgbà tó fún ọmọ lọ́mú kẹ́yìn àti ìgbà tó máa tún gbé e sẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan tó ń gbé Ìkòròdú, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ oṣù 3, tí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ aago 9 àárọ̀ n'Íkẹjà. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 àti Kétu, aago 5 ló ti máa jáde nílé pẹ̀lú ọmọ àti àbúrò rẹ̀ tó máa gbé ọmọ dání. Ká ní wọ́n dé ní aago 7, tó fún ọmọ lọ́mú nínú ọkọ̀ títí di 7:30, kó tó wọlé. Wọ́n á wo páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á gba fóònù àti báàgì. Bí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀ ní 9, nǹkan bí 11:45 ló máa parí, kó sì tó gba ẹrù rẹ̀ jáde, aago 12 ti lù. Wákàtí 4 àbọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kéré báyìí ló ń mu ọmú ní wákàtí 2 sí 3 síra wọn. Ní bí 10:30, tó kù díẹ̀ kí Ìwé Kíkà parí, ọmú ìyá á ti kún, á ti máa ro ó, wàrà á sì ti máa kán sára aṣọ.

Ẹ má rò pé ẹ lè bẹ alámòójútó tó wà nínú gbọ̀ngàn nígbà yẹn. Kò sí ìsinmi láàárín apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lè jẹ́ kí ẹ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n aago yín kò ní dúró. Nínú Ìgbọ́rọ̀ ló tiẹ̀ burú jù, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé ohùn náà jáde fún ìbéèrè 40. Ohun tó bá kọjá nígbà tí ẹ wà níta ti lọ nìyẹn. Alámòójútó náà kò sì ní àṣẹ láti fún yín ní ohun tí kò sí nínú ìwé tí sẹ́ńtà fi lé e lọ́wọ́, bó ti wù kí àánú yín ṣe é tó. Sẹ́ńtà ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, torí àwọn ló máa sọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti iye àkókò tí wọ́n nílò láti fi ṣètò rẹ̀.

Lẹ́tà ọ̀hún gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. "Mo ní ọmọ kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́" kò sọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n fi àkókò kún tàwọn. Ní tèmi, èyí kò bá abiyamọ mu rárá, torí ńṣe ló máa jẹ́ kó pẹ́ sí i lórí àga, tí ọmú á sì máa le sí i. Ìsinmi tí aago rẹ̀ dúró ló yẹ kó béèrè. Abiyamọ Ìkòròdú wa yìí lè kọ ọ́ báyìí: òun fẹ́ ìsinmi ìṣẹ́jú 25 láàárín Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíkọ, kí aago òun dúró nígbà náà, kí alámòójútó obìnrin sì wà pẹ̀lú òun, òun fẹ́ yàrá tó ní àga àti ilẹ̀kùn tó ń tì, tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àbúrò òun á gbé ọmọ wá, kò sì ní dé gbọ̀ngàn. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kọ ìwé tì í, tó sọ ọjọ́ tí ẹ bímọ, iye wákàtí tí ọmọ fi ń mu ọmú, àti ohun tí ẹ nílò. Káàdì ìgbẹ̀bí nìkan kò tó. Tí wọ́n bá ti fèsì, ẹ tẹ íméèlì náà sórí ìwé, kí ẹ mú un dání lọ́jọ́ náà.

Bí wọn kò bá gbà, ẹ fọwọ́ fún wàrà díẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi páàdì ọmú sínú kọ́ọ̀sẹ́tì. Ẹ sọ fún ẹni tó gbé ọmọ kó jìnnà sí fèrèsé gbọ̀ngàn, torí igbe ọmọ lásán lè mú wàrà tú jáde. Bí apá kan ọmú bá le gbagidi lẹ́yìn náà, tó pọ́n, tí ibà sì dé, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má torí rẹ̀ dáwọ́ ọmú dúró.

Ní ti wàrà tí ẹ fún sílẹ̀ fún ọmọ, ẹ má jù ú sínú báàgì lásán. Wákàtí 4 ni wàrà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè lò níbi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25°C lọ, ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn Ìkẹjà sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Inú kúlà tó ní yìnyín ni kó wà.

Omi náà ńkọ́? Àwọn aláboyún ló ń ṣe àṣìṣe yìí jù: wọn kì í mu omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Orí fífọ́ àti òòyì ló máa ń tẹ̀ lé e, ikùn sì lè máa fà. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. IELTS gba omi láàyè nínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, tí ẹ ti bó bébà ara rẹ̀ kúrò. Ẹ má mú omi inú ọ̀rá lọ. Kí ẹ tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ páṣípọ́ọ̀tù wò, kí wọ́n tó ní kí gbogbo èèyàn jókòó.

Ìjókòó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àga tó ní pákó ìkọ̀wé lára kì í gba ikùn olóyún oṣù 7 tàbí 8, nítorí náà ẹ béèrè fún tábìlì àti àga ọ̀tọ̀ tó ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítòsí ilẹ̀kùn. Kí ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan níbi tí ẹ wà, torí jíjókòó pẹ́ lójú kan máa ń wú ẹsẹ̀.

Ó ku apá kẹrin, Ọ̀rọ̀ Sísọ, tí kì í ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ. Ó lè bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ mìíràn, àwọn kan sì máa ń gba aago tí wọ́n bá rí láìbéèrè. Bí abiyamọ wa bá gba aago 12:15, kò ní ráyè fún ọmọ lọ́mú láàárín méjèèjì. Bí ó bá gba aago 2, á ti fún ọmọ lọ́mú, á ti jẹun, á sì ti pààrọ̀ aṣọ kó tó padà wọlé.