Bí mo ṣe yanjú aago tí ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ẹ̀ ń fò ní mẹ́rin-mẹ́rin

Aago ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, aago Súwísì tó ń lo bátìrì. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, pé ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ẹ̀ á kàn dúró gbagidi, á wá sáré fo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, á tún dúró. Wọ́n ti ẹ̀ fẹ́ gbé e fún ọmọ wọn kó máa fi ṣeré. Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ dákun, ẹ má tíì gbé e fún ẹnì kankan, ṣé àkókò tó ń sọ ṣì tọ́? Wọ́n wo fóònù wọn, wọ́n wo aago, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Aago tó bàjẹ́ kì í bá fóònù mu báyẹn o.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú aago tá à ń pè ní kúọ́sì, òkúta tín-ín-rín kan wà tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní sẹ́kọ́ńdì kan tí iná bátìrì bá ti kàn án. Ṣíìpù aago á máa pín iye yẹn sí méjì, á tún pín in sí méjì, títí dé ìgbà 15, á wá ku ẹyọ kan ṣoṣo ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹyọ kan yẹn ló máa fi ti mọ́tò kékeré inú ẹ̀ kí ọwọ́ lè gbé ìṣísẹ̀ kan. Ṣíìpù yìí kan náà, nínú àwọn aago tí wọ́n bá ṣe é sí, tún máa ń ṣọ́ fóòtì bátìrì. Tí fóòtì bá ti wálẹ̀ kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é fi sí, kò ní ti mọ́tò ní kọ̀ọ̀kan mọ́, á dúró di sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin, á wá ti í lẹ́ẹ̀mẹrin wéréwéré. Nítorí náà iye ìgbà tó ń ti í ní ìṣẹ́jú kan ò yí padà, 60 náà ni, ìdí nìyẹn tí àkókò fi tọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni aago ń ṣọ́ bátìrì ná, irọ́ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ dín nǹkan kan kù. Ó kàn ń pariwo fún ẹ pé bátìrì ń lọ ni.

Tó o bá fẹ́ kó dá ẹ lójú, dúró kí ọwọ́ dé orí 12, kó o wá máa ka fífò ẹ̀. Tó bá fò ní ìgbà 15 kó tó padà sórí 12, tí ìṣẹ́jú kan pé lórí fóònù, bátìrì ló ń wí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n lójú kan ni, tí kò kúrò níbi tó wà, ìyẹn yàtọ̀ o, ó lè jẹ́ pé bátìrì ti kú débi pé kò lè ti mọ́tò mọ́, tàbí kí ìdọ̀tí wà láàárín àwọn eyín ẹ̀, àbí kí òróró ibẹ̀ ti gan.

Mo wá sọ fún wọn pé bátìrì ni. Ẹ̀gbọ́n ní kò ṣeé ṣe, pé kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n yí i lójú títì. Èyí ló jẹ́ kí n ṣí i kí n tó lọ ra nǹkan kan, torí mo ti ń fura sí irú bátìrì tí wọ́n kì sí i.

Ẹ̀yìn aago yẹn kì í ṣe oní-síkúrù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé ni. Tó o bá yí etí ẹ̀ wò dáadáa wà á rí ibì kan tó ṣí díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹnu ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kékeré tí kò mú ni mo fi sí i, mo fi àtàǹpàkò dì í mú kó má lọ yọ̀ ya ẹ̀yìn aago tàbí ọwọ́ mi, mo yí i díẹ̀, ó já “kọ”. Wọ́n tẹ ETA 955.112 sára ẹ̀rọ inú ẹ̀, bátìrì 371 sì ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Mo wo ojú bátìrì tó wà níbẹ̀: AG6. Họ́wù!

AG6 àti 371 bára mu ní fífẹ̀ àti ní gíga, ìyẹn ló fi ń wọlé láìsí wàhálà, àwọn tó ń ta bátìrì orí páálí sì máa ń sọ pé ìkan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìkan náà. Fàdákà ló wà nínú 371, fóòtì ẹ̀ jẹ́ 1.55, ó sì máa ń dúró síbẹ̀ gbọn-in fún ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé ẹ̀, ìgbà tó bá fẹ́ parí ló máa ń já bọ́. Alikaláìnì ni AG6 ní tiẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 1.5, látìgbà tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Fàdákà ni wọ́n fi ṣètò ṣíìpù yẹn, nítorí náà tí alikaláìnì bá ti sọ̀ kalẹ̀ débì kan, bó tiẹ̀ ṣì lágbára nínú, ṣíìpù á gbà pé ó ti ń kú lọ, ni ọwọ́ á bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo fi mítà wọn AG6 yẹn, ó gbé 1.36. Èyí tí mo lọ rà, tí wọ́n kọ 371 àti SR920SW sí lára, gbé 1.57.

Yíyọ ẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ẹ má fi irin fà á o, torí irin tó bá kan òkè àti ìsàlẹ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà á pa iná ẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ̀mú oníke ni mo lò. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni wáyà bàbà tí wọ́n wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tí nǹkan bá ha á tó já, aago ti kú nìyẹn, bátìrì kankan ò lè jí i. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu 371 kí òógùn ọwọ́ mi má bàa wà lára ẹ̀, mo gbé e sí i, ojú tó ní àmì + kọjú sí mi, mo tẹ irin tó dì í mú padà. Kí n tó dé ẹ̀yìn ẹ̀ padà ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ti ń rìn ní kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kàn ń wò ó ni, wọn ò sọ̀rọ̀.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí ẹ̀yìn aago ká, mo rí i pé kò tíì là, mo fi òróró sílíkónì díẹ̀ pa á, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn padà. Mo ṣáà sọ fún wọn pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́ wẹ̀ mọ́, torí ẹnu lásán ò lè sọ pé omi ò ní wọlé sí aago tí wọ́n ti ṣí, àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dán an wò.

Tí wọ́n bá fi 371 gidi sí i tó ṣì ń fò ní mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn bátìrì yẹn, ó lè ti pẹ́ lórí igbá. Tó bá gbé 1.55, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe wò ó, òróró tó gan lè jẹ́ kí mọ́tò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ.

Látìgbà tí fífò bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì fàdákà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni mo máa ń fọkàn sí, ó ṣá yàtọ̀ láti aago sí aago. Ẹ má sì fi bátìrì tó ti kú sílẹ̀ sínú ẹ̀, omi tó máa ń jò lára ẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀rọ inú aago. Àwọn aago Sitisẹ́ẹ̀nì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Méjì-méjì làwọn yẹn máa ń fò tí iná wọn bá ti ń lọ, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹ̀yìn wọn, ẹ kàn gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kò sì ní pẹ́ tó máa padà sí kọ̀ọ̀kan.