Ẹ Fàmì sí I Kí Ẹ Tó Dáhùn: Fún Ẹgbẹ́ Olùsìn Adìẹ Tó Ń Gba Ọ́dà Lórí Nọ́ńbà Kan

Ìwé yìí wà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí akọ̀wé, akápò àti alábòójútó ọjà jọ ń dá oníbàárà lóhùn lórí nọ́ńbà Wọ́sáàpù Bísínẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. A ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń so fóònù mọ́ nọ́ńbà náà, ẹ ti ṣe ìyẹn. Ohun tí a ṣì ń bá pàdé ni pé ènìyàn méjì ń dá iṣẹ́ kan náà lóhùn, àwọn méjèèjì sì ń bá a dé ìdí owó.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní aago 8:10 àárọ̀, oníbàárà kọ̀wé pé òun fẹ́ òròmọdìẹ bírọ́ílà 100. Páálí kan ń gba 50, nítorí náà páálí 2 ni. Akọ̀wé kà á, ó pe ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin pé kí wọ́n fi páálí 2 pamọ́ fún ẹgbẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ èsì. Akápò náà ti ka iṣẹ́ yẹn, kò rí èsì kankan lábẹ́ rẹ̀, òun náà sì pe ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà dé, páálí 4 ló wọlé. Òròmọdìẹ kì í ṣe àpò oúnjẹ tí èèyàn lè gbé sí igun ilé. Pupa ẹyin tó kù nínú ikùn rẹ̀ kò lè gbé e kọjá nǹkan bí ọjọ́ 2 sí 3, lẹ́yìn náà omi, oúnjẹ àti ooru di dandan. Ẹgbẹ́ ló máa wá ibi tí 100 tí kò lólúwa máa sùn.

Àmì iṣẹ́ tí wọn kò tíì kà ló ń tan yín jẹ. Bí ẹnì kan bá ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà, àmì náà á kúrò lórí gbogbo fóònù tó so mọ́ nọ́ńbà náà, àmọ́ kò ní sọ ẹni tó kà á. Ẹ kò sì ní rí i pé ẹnìkejì yín ń tẹ èsì lọ́wọ́, oníbàárà nìkan ló ń rí ìyẹn.

Ẹ ṣe lébẹ́ẹ̀lì tuntun 3, ìyẹn àmì tí ẹ ó máa fi sára orúkọ oníbàárà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan: `AKOWE MU`, `AKAPO MU`, `OLOJA MU`. Fún ipò tí ọ́dà wà, `Pending payment`, `Paid` àti `Order complete` tó bá áàpù náà wá ti tó. Àyè lébẹ́ẹ̀lì 20 wà níbẹ̀, ẹ má kún un. Ẹgbẹ́ tó ní 15 kì í rántí èyí tó yẹ kó fi sí i.

Bí iṣẹ́ bá wọlé, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ tẹ orúkọ oníbàárà mọ́lẹ̀ nínú àtòkọ, ẹ yan lébẹ́ẹ̀lì tiyín, ẹ fi pamọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tún wò ó. Bí àmì ẹlòmíì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ti akọ̀wé ló dúró, lẹ́yìn rẹ̀ ti akápò. Ẹni tó kù yọ tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó kọ èsì tàbí pe ẹnikẹ́ni. Orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni àmì náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, nítorí náà ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán kò gbọdọ̀ mú iṣẹ́ kankan.

Níbi tí ẹgbẹ́ púpọ̀ ti ń kùnà rèé: lébẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi sí i láti inú àtòkọ, ara oníbàárà ló ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ra ọjà ní oṣù kẹta, tó tún kọ̀wé ní oṣù kẹfà, ṣì máa gbé `AKOWE MU` kiri bí wọn kò bá yọ ọ́. Akápò á rí i, á fojú fò ó. Akọ̀wé sì lè wà lóko níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí. Oníbàárà tí ènìyàn méjì ń dá lóhùn tẹ́lẹ̀ kò wá rí ẹnì kankan dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí ọjà bá kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yọ àmì orúkọ, ẹ fi `Order complete` sí i. Bó bá tún kọ̀wé, ẹni tó mú un á kọ́kọ́ yọ `Order complete` kúrò.

Àmì orúkọ tó bá lo wákàtí 2 láìní lébẹ́ẹ̀lì ipò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíì pe ẹni tó ni ín. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ pààrọ̀ àmì náà sí tiyín, ṣùgbọ́n ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin kí ẹ tó ní kí wọ́n fi páálí kankan pamọ́, kí ẹ béèrè bóyá ẹni yẹn ti ní kí wọ́n fi pamọ́.

Ọ́dà tó bá gba orí ìpè wọlé kò ní àmì kankan. Kí ẹni tó gbé ìpè náà kọ iye òròmọdìẹ àti ọjọ́ ìkójà ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí nọ́ńbà ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì fi lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí i. Àwọn tó ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán fún ẹnìkejì ni wọ́n ń kó páálí 4 dé.