Bí mo ṣe wá àlàfo ìlà koríko fún oko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ l'Ákùrẹ́

Oko ẹ̀gẹ́ mi lápá Ìjù dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tójò ńlá bá ti rọ̀ báyìí omi á la gọ́tà kéékèèké, á kó ilẹ̀ dúdú lọ sísàlẹ̀. Mo kó àpò iyẹ̀pẹ̀ dí i, omi gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo gbin koríko fẹ́tífà, ìlà kan sí èkejì bíi mítà 30, gọ́tà ṣì ń yọ láàárín wọn, tẹ́ ẹ bá rírú ẹ̀ àlàfo ti fẹ̀ jù nìyẹn.

Èyí tó wá ṣiṣẹ́ ni pé mo yá rọ́bà tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wá lẹ́fẹ́ẹ̀lì, mo fi wọn ilẹ̀, láàárín mítà 10 ó fi sẹ̀ǹtímítà 90 lọ sílẹ̀, ìyẹn 9%. Mo wá lo èyí:

```
VI = 0.3 × (S/3 + 2)
HI = 100 × VI / S
```

S ni 9 yẹn, VI ni bí ilẹ̀ ṣe máa fi lọ sílẹ̀ tó kó tó kan ìlà kejì, HI ni àlàfo tẹ́ ẹ máa wọ̀n nílẹ̀. VI já sí mítà 1.5, HI sì lé díẹ̀ ní 16. S/3 wà fún ibi tójò ti pọ̀ bíi tiwa, níbi tójò ò ti pọ̀ S/2 ni, àlàfo á fẹ̀ tó bíi mítà 22.

Rọ́bà yẹn náà ni mo fi ri èèkàn kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè dọ́gba, mo wá gbin koríko ní sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn. Èyí tó bá kú, ẹ tètè fi òmíì dí i o, ibẹ̀ lomi máa gbà. Gọ́tà ò yọ mọ́ lọ́dọ̀ mi, àmọ́ tí tiyín bá dà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, koríko nìkan lè má tó.