Bí ìwé owó bùtíkì ṣe padà bá ti báńkì mu

Ìparí oṣù dé, ìwé owó bùtíkì ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu ní 486,000 sẹ́fà ló wà ní báńkì, ìwé tí báńkì fún wa ní 523,500. Ẹ má wo àròpọ̀ nìkan o, ìlà kan sí ìlà kan ni mo fi bírò pupa sàmì sí èyí tó bára mu nínú méjèèjì, àwọn tí ò ní àmì lọ̀rọ̀ wà lára wọn.

Ṣẹ́ẹ̀kì 60,000 tá a fún oníṣìmẹ́ńtì, kò tíì lọ gbà á, mo yọ ọ́ lára ti báńkì, ó ku 463,500. Báńkì náà ti yọ 4,500 owó iṣẹ́ wọn tí kò sí nínú ìwé wa, mo yọ ìyẹn lára tiwa, ó ku 481,500.

Ó ṣì fi 18,000 jura. Iye yẹn ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, tó bá ti rí báyìí, nọ́ńbà tó yí ipò padà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣá. Mo padà sí àwọn ìlà tí ò lámì, mo rí i: owó kan tá a lọ san sínú àkáǹtì wa ní báńkì, 35,000 ló wà lórí rìsíìtì báńkì, ìwé wa ní 53,000. Mo yọ 18,000 yẹn, tiwa náà di 463,500.

Owó iṣẹ́ àti àtúnṣe yìí nìkan la kọ sínú ìwé wa, ní ìlà tuntun, a ò pa ti àtijọ́ rẹ́. Ti ṣẹ́ẹ̀kì, a ò fọwọ́ kàn án, báńkì á yọ ọ́ tí oníṣìmẹ́ńtì bá lọ gbà á.